Ẹ̀yìn Ni Kí Ọmọ Fi Sùn, Ikùn Ni Kí Ó Fi Ṣeré

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Yorùbá, kí oòrùn tó mú ni àwọn ìyá ti ń tò sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú káàdì ọmọ lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì a dá orin, wọn a sọ̀rọ̀ lórí ọmú, lórí àwọ̀n ẹ̀fọn àti omi mímọ́. Níbi tí wọ́n bá ti mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, wọn a tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ikùn ọmọ délẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ sùn. Ìkìlọ̀ náà tọ́, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí. Ìdajì kejì rẹ̀ kì í dé etí àwọn ìyá, èyí tí í ṣe pé nígbà tí ojú ọmọ bá là sílẹ̀, ikùn gan-an ni ó yẹ kí a fi í lé, lójoojúmọ́, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bí i.

Ìyá tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yóò ṣe ìdajì iṣẹ́. Yóò tẹ́ ọmọ sùn ní ẹ̀yìn lóru, yóò fi ọ̀já pọ̀n ọ́n láàárọ̀, yóò gbé e jókòó sórí àga ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, alẹ́ yóò sì lẹ́ tí ọmọ náà kò tíì fi àyà kan ẹní rí láti òwúrọ̀. Nígbà tó bá di oṣù keje tí ọmọ aládùúgbò ti ń rá káàkiri, tí tirẹ̀ ń jókòó bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ìgbà náà ni ariwo yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí.

Ìkìlọ̀ nípa oorun yìí kò tíì pẹ́ láyé. Títí di òpin àwọn ọdún 1980, ikùn ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń tẹ́ ọmọ sùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, nítorí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ gbà pé bí ọmọ bá bì, ohun tó bì kò ní há a lọ́nà ọ̀fun. Ìwádìí wá fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń fi ikùn sùn ni ikú òjijì ojú oorun ń pa jù. Ní 1991 ni ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá ọmọ padà sórí ẹ̀yìn. Ní 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ohun kan náà, ìpolongo tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, irú ikú bẹ́ẹ̀ ti fi ju ìdajì lọ dínkù ní Amẹ́ríkà.

Bí ikú yẹn ti ń dínkù ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun mìíràn. Orí àwọn ọmọ kan ń pẹlẹbẹ lẹ́yìn, nítorí ibi kan náà ni wọ́n ń fi sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi rọ̀gbọ̀kú sínú àga àti ọkọ̀ ọmọdé ní gbogbo ọ̀sán. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998 tún fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀yìn sùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yíra padà, kí wọ́n tó rá, àti kí wọ́n tó di nǹkan mú dìde. Síbẹ̀, nígbà tó kan ìrìn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti àwọn tó ń fi ikùn sùn. Àwọn oníṣègùn kò tìtorí èyí sọ pé kí wọ́n dá ọmọ padà sí ikùn lójú oorun, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín ọjọ́ ọmọ sí méjì: ẹ̀yìn fún oorun, ikùn fún eré. Ìpín kejì yìí ni kò tíì ráyè dé ọ̀dọ̀ wa bó ti yẹ. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, ìdakùndélẹ̀ ni a ó máa pè é.

Kí ni ọmọ ń rí ṣe lórí ikùn tí kò lè rí ṣe lórí ẹ̀yìn? Orí ọmọ tuntun wúwo púpọ̀ fún ọrùn rẹ̀. Gígùn orí náà tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara rẹ̀. Bí a bá dá a dé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí imú rẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́. Kékeré kọ́ ni iṣẹ́ yẹn fún un. Nígbà tó bá fi máa pé nǹkan bí oṣù 2, yóò lè gbé orí sókè fún ìgbà díẹ̀, orí yóò máa gbọ̀n, yóò sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Láàárín oṣù 3 sí 4, yóò fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, àyà rẹ̀ yóò kúrò lórí ẹní, yóò sì máa wo iwájú bí àgbàlagbà tó jókòó sójú fèrèsé. Nígbà tó bá di oṣù 5 tàbí 6, àtẹ́lẹwọ́ tó ti ṣí sílẹ̀ ni yóò máa fi ti ara rẹ̀ sókè, apá rẹ̀ yóò sì nà tán.

Ibí ni nǹkan ti ń dùn ún wò. Bí ìṣeré kan bá wà níwájú rẹ̀ tó fẹ́ mú, kò lè fi ọwọ́ méjèèjì mú un, nítorí àwọn ni òpó tó gbé e dúró. Ó ní láti kó ìwúwo ara rẹ̀ sórí ọwọ́ kan kí èkejì tó lè dẹ̀. Kíkó ìwúwo láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì yìí ni yíyí padà ti wá. Ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ èèṣì: ọmọ wo ọ̀tún jù, orí fà á, ó sì bá ara rẹ̀ ní ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe èyí láàárín oṣù 4 sí 6, àwọn mìíràn sì kọ́kọ́ ń ti ẹ̀yìn yí sí ikùn, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ikùn ṣe ìdí ọ̀pá, tí yóò máa yí po lójú kan bí ọwọ́ aago. Lẹ́yìn èyí ni yóò fẹ́ lọ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni yóò máa lọ. Àwọn òbí máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí láìmọ ìdí rẹ̀: apá rẹ̀ ti lágbára ju ẹsẹ̀ lọ, nígbà tó bá ti ilẹ̀, ẹ̀yìn ni ilẹ̀ ń tì í sí. Bí ẹsẹ̀ bá ti wá bá apá dọ́gba, yóò fàyà fà, yóò gbé ìdí sókè, yóò fi ọwọ́ àti orúnkún dúró, yóò máa mì síwá sẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan bí ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kò tíì gbé, ìgbà yẹn ni yóò tó rá.

Ìjókòó pàápàá lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ orí ikùn yìí. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọmọ tí wọ́n gbé jókòó àti ọmọ tó jókòó fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé jókòó yóò dúró síbi tí wọ́n fi í sí; bí ìṣeré rẹ̀ bá yí dànù, yóò sunkún kí wọ́n bá a mú un. Èkejì yóò fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, yóò yí ìdí, yóò wá ìṣeré náà lọ, yóò sì tún padà jókòó. Ọwọ́ tó fi ti ilẹ̀ yẹn, orí ikùn ló ti kọ́ iṣẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìyá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kí ó gbé ọmọ lé àyà rẹ̀, ikùn sí ikùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Baba náà lè ṣe é, kò sí ohun tí àyà rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹní, tàbí aṣọ tí a tẹ́ sórí ilẹ̀ líle. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ tàbí tìmùtìmù, nítorí ojú ọmọ lè rì sínú wọn, apá rẹ̀ kò sì ní rí ohun tó le tì. Kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tí ó mu ọmú tán gẹ́lẹ́, nítorí yóò bì; lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ ló dára jù, torí ìgbà yẹn kì í ṣòro láti rántí. Bí ó bá ń ráhùn, kí wọ́n ká ìró sí bíńtín, kí wọ́n fi sábẹ́ àyà rẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì wà níwájú. Kí ìyá náà dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ojú wọn ṣe déédéé, nítorí kò sí ìṣeré tí ọmọ oṣù méjì fẹ́ràn tó ojú ènìyàn.

Ìṣẹ́jú 3 sí 5, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé kí àpapọ̀ rẹ̀ ti di ìṣẹ́jú 15 sí 30 lóòjọ́ nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 7. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 sì ní kí ọmọ tí kò tíì lè rìn káàkiri máa lò ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́ lórí ikùn, tí a pín káàkiri ọjọ́, nígbà tí ojú rẹ̀ là. Ẹkún díẹ̀ kò pa ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ tí ó gbé ojú lé ilẹ̀, ó tó. Kí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe má kúrò níbẹ̀. Bí oorun bá sì gbé e lọ lórí ikùn, kí wọ́n yí i sí ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà kan yóò bèèrè pé, ṣé bí àwọn ìyá wa ṣe ń tọ́ wa nìyẹn? Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn ìyá wa ní ọgbọ́n tiwọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìmọ̀ òde òní sì gbè lẹ́yìn. Pípọ̀n, fún àpẹẹrẹ, dára fún ọmọ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ tó là gbàgà mọ́ ìbàdí ìyá ń jẹ́ kí orí egungun itan jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, àrùn kí egungun itan máa yẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọn ọmọ báyìí. Ọrùn ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ bí ìyá ti ń rìn, ìyẹn bí ó bá ti lágbára tó láti gbé orí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀já kò lè ṣe ni pé kò fún ọwọ́ ní ohun tí yóò tì. Ọwọ́ wà nínú ìró, tàbí kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá, kò sí ìwúwo kankan lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkọ́ ọmọ ní ìjókòó: wọn a fi aṣọ há a yí ká nínú abọ́ ńlá tàbí láàárín ìrọ̀rí. Ìwádìí kan tí ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Super tẹ̀ jáde ní 1976 tàn ìmọ́lẹ̀ sí irú àṣà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Kẹ́ńyà ló ti ṣe é, láàárín àwọn ẹ̀yà Kipisígíìsì. Àwọn ìyá ibẹ̀ a máa gbẹ́ ihò kékeré sí ilẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ ní ìjókòó, wọn a sì máa kọ́ ọ ní ìrìn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wọn ń jókòó, wọ́n sì ń rìn, ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ọmọ ń fi ìdùbúlẹ̀ kọ́, bíi gbígbé orí láti ilẹ̀ àti rírá, wọn kò yá ju àwọn yẹn lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí ìyá fi kọ́ ọmọ ni ọmọ mọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà ló ń mú ọmọ yára. Super fi hàn pé ọwọ́ ìyá ló ń ṣe é.

Kò sí ohun tó yẹ kí ìyá Yorùbá jù nù nínú àṣà pípọ̀n àti ìjókòó. Ẹní ló yẹ kí ó fi kún un. Ohun tó yẹ kí ó jù nù ni wọ́kà, kẹ̀kẹ́ onítáyà kékeré tí wọ́n ń gbé ọmọ jókòó sí kó lè máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan àwọn òbí jẹ. Kì í mú ọmọ tètè rìn, ó tilẹ̀ lè dá a dúró díẹ̀, ó sì ń gbé e dé ìdí sítóòfù àti etí àtẹ̀gùn kí ìyá tó bojú wẹ̀yìn. Láti 2004 ni orílẹ̀-èdè Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀.

Ohun tó ń kó ẹ̀rù bá ìdílé jù ni pé ta ni ó ṣe kíní ṣáájú ta ni. Lórí èyí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe iṣẹ́ kan tó yẹ kí gbogbo ìyá ọkọ mọ̀. Wọ́n tọpa àwọn ọmọ tára wọn le ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Òmáànì àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Kàkà kí wọ́n dá oṣù kan ṣoṣo fún ìdàgbàsókè kọ̀ọ̀kan, fèrèsé ni wọ́n ṣí: ìgbà tí àwọn tó yára jù ṣe é, títí di ìgbà tí àwọn tó pẹ́ jù ṣe é, tí ara gbogbo wọn sì le. Fún ìjókòó láìsí ohun tó dì í mú, fèrèsé náà ṣí ní nǹkan bí oṣù 4, ó sì tì ní oṣù 9 àti ọ̀sẹ̀ kan. Fún rírá lórí ọwọ́ àti orúnkún, láti oṣù 5 sí oṣù 13 àti ààbọ̀. Fún dídá rìn, láti oṣù 8 títí di oṣù 17 àti ààbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí oṣù 12 ni ìdajì wọn ti rìn. Ẹ wo bí fèrèsé náà ti fẹ̀ tó. Ọmọ tó rìn ní oṣù 9 àti èyí tó rìn ní oṣù 16, ọmọ tó pé ni àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

Nínú gbogbo ìpele náà, rírá ni kò ní ipò kan pàtó. Àwọn kan ń rá kí wọ́n tó di nǹkan mú dúró, àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 4 nínú 100 nínú ìwádìí yẹn ni kò tilẹ̀ fi ọwọ́ àti orúnkún rá rí. Àwọn kan ń fi ìdí wọ́, irú wọn sì sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rìn. Nítorí ìyàtọ̀ púpọ̀ yìí ni àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà ṣe yọ rírá kúrò nínú àtẹ ìdàgbàsókè ọmọ rẹ̀ ní 2022. Àwọn onímọ̀ mìíràn bínú sí i, ìbínú wọn sì ní ìtumọ̀. Ọmọ tí kò rá nítorí pé ó yan ọ̀nà mìíràn kò ní àìsàn, ṣùgbọ́n èyí tí kò rá nítorí pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ kalẹ̀ rí kò tíì rí ààyè yan ohunkóhun.

Ìdí mìíràn wà tí ẹní fi ṣe pàtàkì, òun ló sì lágbára jù. Lórí ẹní ni àṣírí ara ọmọ ti ń tú. Ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́dọ̀ wa ni kò ké nígbà tí a bí wọn, àwọn mìíràn ní ibà pọ́njú tó le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, méjèèjì sì lè pa ọpọlọ lára. Lẹ́yìn ìyá, nínú ọ̀já, ọmọ tí ìpalára bá bá ọpọlọ rẹ̀ lè dà bí gbogbo ọmọ. Lórí ẹní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ti lé ní oṣù 4 tí orí rẹ̀ ṣì ń já sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá fà á dìde. Bí ó bá di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àtàǹpàkò ní gbogbo ìgbà lẹ́yìn oṣù 3 tàbí 4. Bí ara rẹ̀ bá le gbagidi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọjá lórí ara wọn bí àlùmọ́gàjí, tàbí tí ó rọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí ó bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, tí ó ń wọ́ èkejì, kí ó tó pé ọdún kan. Tàbí bí ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ bá ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n má dúró de oṣù kankan, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń yọ̀ pé ọmọ wọn yóò jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì nígbà tí ó wà ní oṣù 7, wọn kò sì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni kò ṣiṣẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú iṣan ń mú èso jáde jù, ọdún yẹn gan-an ni a sì ń lò lórí àgbo àti àánú ará.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìdílé kan ní Ìbàdàn, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ti rí. Ọmọ wọn ti pé oṣù 9 àti ọ̀sẹ̀ 2, kò tíì lè dá jókòó. Ìyá ọkọ wá kí wọn, ó wo ọmọ títí, ó ní, “Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ ń fi pamọ́ fún mi báyìí? Bàbá rẹ̀ jókòó ní oṣù márùn-ún.” Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, “Màámi, kò sí o, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín.” Lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ èéyi tó yẹ kí ọmọ gbà ní oṣù 9 ni wọ́n fi ṣe àwáwí, wọ́n sì jọ gbọ̀nà ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bèèrè ohun tí kò sí ẹni tó bèèrè rí nílé: ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún náà lò? Ọ̀sẹ̀ 35 ni. Ọ̀sẹ̀ 40 ni oyún tó pé, nítorí náà ọmọ náà fi ọ̀sẹ̀ 5 yá kúrò nínú. Títí ọmọ tí kò pé oṣù yóò fi pé ọdún 2, ọjọ́ tó yẹ kí a bí i ni a fi ń ka ìdàgbàsókè rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a bí i. Bí a bá yọ ọ̀sẹ̀ 5 kúrò nínú oṣù 9 àti ọ̀sẹ̀ 2, ó ku nǹkan bí oṣù 8 àti ọ̀sẹ̀ kan. Fèrèsé ìjókòó kò tíì tì, ó ku oṣù kan gbáko.

Lẹ́yìn ìṣirò, ó tẹ́ ìró sílẹ̀, ó da ọmọ dé. Orí gbéra sókè láìgbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣí, ọmọ yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ti ọwọ́ kan kó o sí èkejì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí a kà sókè yẹn lára rẹ̀. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì ní kí ìyá ka bí ọjọ́ ọmọ ṣe ń lọ. Láti aago 7 sí 8, ó wà lẹ́yìn ìyá. Láti aago 8 di ìrọ̀lẹ́, inú wọ́kà ní ṣọ́ọ̀bù ni, àyàfi bí ó bá ń sùn tàbí tí ó ń mu ọmú. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú 5 lọ nínú ọjọ́ náà, ìyẹn nígbà tí wọ́n ń fi ìpara pa á lẹ́yìn ìwẹ̀.

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn kò gbọ́ owó. Kí wọ́n gbé wọ́kà kúrò. Kí ọmọ wà lórí ẹní lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ìṣẹ́jú 6 ó kéré tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìṣeré síbi tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ó lè máa yí sí i. Kí wọ́n máa gbé e jókòó láàárín itan ìyá, kí ìyá máa dín ọwọ́ tó fi dì í mú kù díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá sẹ́yìn káàdì, ọ̀sẹ̀ 4 sígbà náà, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni fèrèsé yóò tì. Bí kò bá tíì jókòó nígbà náà, yóò kọ ìwé fún wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá.

Ìbéèrè àti àyẹ̀wò yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 àti oṣù 9 ni ọmọ ń dé ibi abẹ́rẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn ọjọ́ náà sì bọ́ sí ìgbà tó yẹ kí ọrùn, apá àti ìdí fi ara hàn. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń gún un, wọ́n ń kọ ọ́ sí káàdì. Ìjọba ìbílẹ̀ tó lè ra ìwọ̀n lè ra ẹní mẹ́ta sí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ìlà kan kún káàdì: ṣé wọ́n ti da ọmọ yìí dé lónìí, kí ni ó sì ṣe?

Ní ti ìdílé Ìbàdàn yẹn, ẹ̀yìn káńtà ni ìyàwó tẹ́ ẹní sí, níbi tí àwọn oníbàárà kò ti lè tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ìyá ọkọ kò tíì padà sílé. Òun ló ń dọ̀bálẹ̀ síwájú ọmọ láàárọ̀, tí ó ń mi kọ́kọ́rọ́, tí ó ń pè é ní oríkì baba rẹ̀, ó sì ti ń ráhùn pé ẹní tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kéré jù fún àwọn méjèèjì.